Àgùntàn, Ẹyẹ àti Ọ̀rọ̀-Ìṣe Méjìdínlógún

Òfin méjì péré ni olùkọ́ wa kọ sójú pátákó lálẹ́ ọjọ́ náà. Èkíní: kí oníkálukú kọ àlọ́ ẹranko kúkúrú kan, kó má lo ọ̀rọ̀ tí a kò tíì kọ́. Èkejì ló lé oorun lọ lójú wa: gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe inú àlọ́ náà gbọ́dọ̀ wà ní àsìkò tó ti kọjá, irú èyí tó jẹ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Kíláàsì ìrọ̀lẹ́ àwọn àgbàlagbà ni, ní ìlú kan ní Jẹ́mánì. Ibi iṣẹ́ ni púpọ̀ nínú wa ti ń bọ̀, ó ti rẹ̀ wá, àlọ́ kọ́ ló wà lọ́kàn wa.

Kí ni wọ́n ń pè ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan? Tí ará Jẹ́mánì bá fẹ́ sọ pé ẹyẹ kan wá, ọ̀nà méjì ló lè gbé e gbà. Ó lè sọ pé „Der Vogel kam“. Ó sì lè sọ pé „Der Vogel ist gekommen“. Nínú èyí àkọ́kọ́, „kam“ nìkan ló ru ẹrù gbogbo, òun ni àwọn olùkọ́ ń pè ní Präteritum. Nínú èkejì, ọ̀rọ̀ olùrànlọ́wọ́ kan wà níwájú, ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an wá ti ẹ̀yìn bọ̀ pẹ̀lú „ge“ lórí. Ìtumọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ibi tí wọ́n ti ń lò wọ́n ló yàtọ̀: lẹ́nu, nídìí ọkọ̀ tàbí nílé ìdáná, olọ́rọ̀ méjì ni wọ́n ń sọ jù, nínú ìwé ìtàn àti ìròyìn, olọ́rọ̀ kan ló ń jọba. Bí èèyàn bá sì ṣe ń lọ sí gúúsù tó ni olọ́rọ̀ kan ṣe ń pòórá lẹ́nu àwọn ènìyàn, yàtọ̀ sí „war“ àti ìwọ̀nba díẹ̀ bíi tirẹ̀. Nínú Jẹ́mánì àdúgbò tí wọ́n ń sọ ní Siwisalandi, kò sí i rárá.

Ìdí nìyẹn tí àlejò fi lè lo ọdún kan gbáko láàárín wọn láìgbọ́ „kam“ lọ́jà, kó wá ṣí ìwé ọmọdé kan, kó sì bá a pàdé lórí ìlà àkọ́kọ́. Ìdí náà nìyẹn tí olùkọ́ fi ń gba inú àlọ́ kọ́ ènìyàn ní àsìkò yìí. Inú àlọ́ ni ilé rẹ̀.

Ó ní ohun tó jẹ́ kó nira fún àwa ọmọ Yorùbá. Ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í pa ara dà. „Ẹyẹ wá“: a kò fi nǹkan kan kún „wá“, kò sì sẹ́ni tó máa rò pé ọ̀la ni à ń sọ. Tí a bá fẹ́ fi nǹkan mìíràn hàn, àá fi „ti“ tàbí „ń“ tàbí „máa“ síwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á sì jókòó jẹ́ẹ́ bó ṣe wà. Lójú wa, kí ọ̀rọ̀ máa yí inú ara rẹ̀ padà nítorí àná dà bí ìgbà tí ènìyàn ń pààrọ̀ orúkọ ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú.

Ọ̀nà méjì ni ti Jẹ́mánì fi ń yí padà. Jacob Grimm, ọ̀kan nínú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó kó àlọ́ jọ nì, ló fún wọn lórúkọ tí a ń lò títí dòní, nínú ìwé gírámà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde lọ́dún 1819. Ó pe àwọn kan ní aláìlágbára, ó pe àwọn yòókù ní alágbára. Aláìlágbára kò lè dá ṣe é, ó ní láti yá „te“ mọ́ ìdí: „lachen“, rẹ́rìn-ín, á di „lachte“. Alágbára kì í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, fáwẹ̀lì inú rẹ̀ ló ń yí padà: „kommen“ di „kam“, „nehmen“ di „nahm“, „rufen“ di „rief“. Gẹ̀ẹ́sì tí a kọ́ níléèwé ní irú ìwà yìí, mọ̀lẹ́bí ni èdè méjèèjì.

Àwọn aláìlágbára ló pọ̀ jù níye, ṣùgbọ́n àwọn alágbára ló kún ẹnu jù: wá, lọ, mú, rí, jẹ, jókòó. Àlọ́ kò sì lè rìn láìsí àwọn wọ̀nyẹn. Ibẹ̀ ni a ti ń ṣubú. Ẹ̀gbọ́n kan láti Abẹ́òkúta tó jókòó tì mí, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, kọ „kommte“ àti „nehmte“ sínú tiwọn. Nígbà tí wọ́n gba ìwé padà, tí wọ́n rí ìlà pupa, wọ́n yíjú sí mi: „Àbúrò, ṣebí òfin tó fi kọ́ wa náà ni mo tẹ̀ lé?“ Mo ní, „Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ̀ lé e jù ni.“ Olùkọ́ sọ fún wọn pé àwọn ọmọ kéékèèké ibẹ̀ náà ń ṣe irú àṣìṣe yìí nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ èdè ìyá wọn.

Àṣìṣe tèmi kéré jùyẹn lọ, ó sì ṣòro láti rí. Mo kọ „der Vogel kamt“. Lónìí, tí ẹyẹ bá ń bọ̀, „t“ máa ń wà nídìí rẹ̀: „kommt“. Lánàá, „t“ yẹn á kúrò. „Ich kam“, èmi wá, „er kam“, òun wá, ọ̀kan náà ni. Bí ènìyàn bá fẹ́ mú irú rẹ̀ nínú ìwé ara rẹ̀, kó fi ìka tẹ̀ lé gbogbo ibi tí ẹyọ ẹranko kan ti ṣe nǹkan, kó wo lẹ́tà tó kẹ́yìn.

Ìjàpá ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ nípa rẹ̀. Ta ni kò ní fẹ́? Ṣùgbọ́n „Schildkröte“ ni wọ́n ń pe Ìjàpá, ìyẹn ọ̀pọ̀lọ́ alápata, kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ tí a ti kọ́. Bí Ìjàpá ṣe pàdánù ipò rẹ̀ nìyẹn, bóyá ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni rí i yọ kúrò nínú àlọ́. Mo mú àgùntàn àti ẹyẹ. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta tí mo tún un kọ, ohun tó jáde rèé:

Ein Schaf hatte viel Wolle. Ein kleiner Vogel kam und nahm ein bisschen Wolle für sein Nest. Das Schaf lachte. Am nächsten Tag kam der Vogel wieder und nahm noch ein bisschen. Das Schaf sagte nichts. Der Vogel kam jeden Tag. Im Herbst war sein Nest groß und warm. Dann kam der Winter, und es schneite. Das Schaf fror. Es ging zum Baum und rief: „Das war meine Wolle!“ Der Vogel sah nach unten und fragte: „Warum lachtest du dann?“

Ní tiwa: Àgùntàn kan ní irun púpọ̀ lára. Ẹyẹ kékeré kan wá, ó mú díẹ̀ níbẹ̀ lọ sí ìtẹ́ rẹ̀. Àgùntàn rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ẹyẹ tún wá, ó tún mú díẹ̀. Àgùntàn kò sọ nǹkan kan. Ojoojúmọ́ ni ẹyẹ ń wá. Nígbà tí ewé ń rẹ̀ dànù, ìtẹ́ rẹ̀ ti tóbi, ó sì móoru. Ìgbà òtútù wá dé, yìnyín ń bọ́. Òtútù mú àgùntàn. Ó lọ sídìí igi, ó kígbe pé, „Irun mi nìyẹn!“ Ẹyẹ wo ìsàlẹ̀, ó bi í pé, „Kí ló dé tí o fi ń rẹ́rìn-ín nígbà náà?“

Ọ̀rọ̀-ìṣe méjìdínlógún ló wà nínú ti Jẹ́mánì, ṣùgbọ́n tí a bá yọ àwọn tó tún ara wọn sọ, méjìlá ni. Márùn-ún nínú wọn jẹ́ aláìlágbára. „Kam“ nìkan fara hàn nígbà mẹ́rin. Ẹ wò ó dáadáa: ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹyẹ „kam“; ojoojúmọ́, ẹyẹ „kam“. Àwa ní láti kọ „wá“ níhìn-ín, ká kọ „ń wá“ lọ́hùn-ún, nítorí etí Yorùbá kò ní gba kí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan àti ohun tó di àṣà jẹ́ bákan náà. Jẹ́mánì kò bìkítà fún ìyẹn. „Jeden Tag“ ló ń sọ ọ́ fún un. Èdè tó ń dà wá láàmú nítorí àná kò mọ̀ rárá pé ìyàtọ̀ tiwa wà.

Òfin kejì yẹn wá ní àwọn ìdè mìíràn tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Ìwé àkọ́kọ́ tí mo kọ sọ pé lẹ́yìn tí ẹyẹ ti mú irun tán, àgùntàn rẹ́rìn-ín. Ní Jẹ́mánì, irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ máa ń béèrè „hatte genommen“, ohun tó ti kọjá kí èyí tó kọjá tó kọjá. „Hatte“ dà bí ẹni pé ó bófin mu, àbí kì í ṣe òun ló wà lórí ìlà àkọ́kọ́? Ṣùgbọ́n lórí ìlà àkọ́kọ́, ó dá dúró, ohun-ìní ló ń sọ. Níbí, olùrànlọ́wọ́ ni, ọ̀rọ̀ sì ti di méjì. Bí a ṣe ń dá wọn mọ̀ ni kí a wá ọ̀rọ̀ mìíràn tó ní „ge“ ní ìparí gbólóhùn náà. Mo fà á yọ. Ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo ni kí n máa to ohun gbogbo bí wọ́n ṣe ṣẹlẹ̀, kí n má wẹ̀yìn. Àlọ́ náà sì yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ̀kọ́ inú àlọ́ ni wàhálà tó tẹ̀ lé e. Mo ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹni tó bá ń fi nǹkan díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ máa ń pàdánù gbogbo rẹ̀. Olùkọ́ fi ọ̀pá pẹ́ńsù kan ọ̀rọ̀-ìṣe ibẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni: ẹ̀kọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná, ti gbogbo ìgbà ni, àsìkò tó ń lọ lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Àwa tí a mọ àlọ́ tó ń kádìí pẹ̀lú ìdí tí a fi pa á mọ bí ó ṣe dùn mí tó láti gé ìrù rẹ̀. Kí n tó gé e, mo ní láti fi ẹ̀kọ́ náà sẹ́nu ẹyẹ. Èyí náà kò rọrùn, torí ẹranko tó bá ń sọ̀rọ̀ nínú àlọ́ ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló ń sọ. Òfin wa fi dandan lé e pé kí àgùntàn àti ẹyẹ máa jà nípa ohun tó ti kọjá nìkan. Ìdí nìyẹn tí àgùntàn fi sọ „war“, tí kò sọ pé irun òun nìyí.

Gotthold Ephraim Lessing, tó kó àlọ́ ẹranko rẹ̀ jáde lọ́dún 1759, kọ àròkọ mọ́ ọn láti jà fún irú àlọ́ tí kò wọṣọ àṣọrégèé: ọ̀rọ̀ geere, kúkúrú, láìsí ewì àti ọ̀ṣọ́. Púpọ̀ nínú tirẹ̀ kò ju gbólóhùn mélòó kan lọ. N kò fi ara mi wé e o. Ohun tó fi ìfẹ́ ọkàn ṣe ni àwa ṣe nítorí ọ̀rọ̀ kò tó wa lẹ́nu.

Nígbà tí mo ka tèmi sókè, olùkọ́ gbọ́ títí dé ìlà tó kẹ́yìn, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí àṣìṣe kankan nínú „Warum lachtest du dann?“, ṣùgbọ́n òun kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀dá alààyè rí. Ó kọ ohun tí ẹyẹ ìgboro á sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù: „Warum hast du dann gelacht?“ Ọ̀rọ̀ méjì, tó lòdì sí òfin òun fúnra rẹ̀. Ó ní kí n mú èyí tó wù mí. Mo fi „lachtest“ sílẹ̀, torí ẹyẹ inú àlọ́ ni, ó lè sọ̀rọ̀ bí ìwé.