Ọ̀rọ̀ Olùdarí Tó Ń Bá Fíìmù Rìn

Bàbá mi máa ń tún rédíò ṣe ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn. Nígbà tí etí rẹ̀ kò gbọ́ mọ́, kò ti ṣọ́ọ̀bù. Á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn rédíò, á dijú, á sì sọ fún oníbàárà pé ó ti ń fọhùn. Ohun tí mo fi ṣe fíìmù oníṣẹ́jú 11 nìyẹn.

Nígbà tí mo fẹ́ fi fíìmù náà ránṣẹ́ sí àwọn àjọ̀dún ni mo rí i pé iṣẹ́ kan ṣì kù. Lórí FilmFreeway, níbi tí ọ̀pọ̀ wa ń gbà fi iṣẹ́ wa ránṣẹ́, àyè kan wà tí wọ́n kọ "Director Statement" sí. Ọ̀rọ̀ olùdarí ni. Àkékúrú ìtàn fíìmù ní àyè tirẹ̀, ìtàn ayé olùdarí náà ní tirẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ níbí ni ìdí tí o fi ṣe fíìmù náà, ìdí tí o fi ṣe é bẹ́ẹ̀, àti ohun tó so ìwọ àti ìtàn náà pọ̀.

Mo kọ ojú ìwé méjì. Mo ní fíìmù mi ń sọ nípa ìfẹ́, ìfaradà àti ìrètí. Mo sọ ìtàn náà látòkèdélẹ̀, títí kan ìparí tó yẹ kí òǹwòran fojú ara rẹ̀ bá pàdé. Mo wá ṣàlàyé pé owó kò tó, àti pé iná lọ ní ọjọ́ kejì tí a ń ya fíìmù.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti bá wọn yan fíìmù rí ló kà á. Ó fi àtàǹpàkò bo orúkọ fíìmù náà, ó ní, "Fíìmù ta wá nìyí?" N kò rí èsì fọ̀. Ó ní àwọn ayanfíìmù kan máa ń ka ọ̀rọ̀ olùdarí kí wọ́n tó wòran, àwọn mìíràn á wòran tán kí wọ́n tó kà á. Ẹni tó wòran tán lè má kíyèsí pé iná lọ. Èmi gan-an ni mo fẹ́ lọ fi àléébù náà hàn án.

Mo tún un kọ, ní Yorùbá ná, kí n tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Àtẹ́lẹwọ́ bàbá mi ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni káàánú rẹ̀. Mo fẹ́ kí òǹwòran rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ́ ohun tí etí kò gbọ́ mọ́. Gbogbo ohun tí mo sọ nípa ọ̀nà tí a gbà ya fíìmù náà, ibẹ̀ ló ti wá. A gbé kámẹ́rà sí ibi tí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ ga dé, kí ọwọ́ lè gba ojú ju orí lọ. Níbi tó bá ti dá wà, a yọ ìró tó mú kúrò, ó wá ku ìkùn tó ń lọ nísàlẹ̀.

Mo kọ́kọ́ kọ pé bẹ́ẹ̀ ni ìró rí "láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin." Nígbà tí mo tún fíìmù náà wò, mo rí i pé ìró pé pérépéré bí oníbàárà bá ti wọlé. Mo yọ gbólóhùn náà. Bí ìwé bá ṣèlérí ohun tí fíìmù kò ṣe, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wòran tán ni yóò kọ́kọ́ mọ̀.

Apá tó kàn mí gan-an ló le jù. Kì í ṣe dandan kí fíìmù jẹ́ ìgbésí ayé ẹni bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Akínọlá Davies Kékeré, tí Lizard rẹ̀ gba ẹ̀bùn tó ga jù fún fíìmù kúkurú ní àjọ̀dún Sundance lọ́dún 2021, fa ìtàn náà yọ láti inú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìdílé wọn nígbà èwe rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọmọdébìnrin kan ló ní ká fi wò ó. Ohun tó jẹ́ tèmi ni pé mo ti jágbe mọ́ bàbá mi rí lójú oníbàárà nítorí pé kò gbọ́, ojú sì ti ń tì mí láti ọjọ́ náà. Gbólóhùn kan péré ni mo fi sọ ọ́. Bí mo bá sọ ọ́ di méjì, ẹkún ni mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi sun.

Nítorí pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni, mo kọ gbogbo rẹ̀ gàdàgbà sórí pépà, mo gbé e fún un kó kà. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó mú bírò, ó fagi lé "adití," ó kọ "ẹni tí etí rẹ̀ ti rẹ̀" sókè rẹ̀. Bó ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe túmọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe fi ránṣẹ́.