Yíyan Ráútà Tuntun fún Ilé: Iye Ńlá Ara Páálí Kọ́ Ni Gbogbo Ọ̀rọ̀

Nígbà tí ráútà bá bàjẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí ojú ẹni tó fẹ́ ra òmíràn máa ń lọ sí nínú ìsọ̀ ni iye tí wọ́n tẹ̀ gàdàgbà sára páálí rẹ̀: “N300”, “AC1200”, “AX3000”. Òǹtajà yóò sì sọ pé èyí tí iye rẹ̀ pọ̀ jù ló yára jù. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ní àgbègbè bí Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, níbi tó jẹ́ pé síìmù ni ọ̀pọ̀ ilé àti ṣọ́ọ̀bù fi ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì, iye yìí kì í sábà jẹ́ ohun tó ń pinnu bóyá ráútà tuntun yóò wúlò. Ènìyàn lè fi owó gọbọi ra èyí tí iye rẹ̀ pọ̀ jù, kí ó sì gbé e délé kí ó má lè ṣí ojú-ewé kan ṣoṣo. Àlàyé tó wà nísàlẹ̀ yìí wà fún ẹni tó fẹ́ rọ́pò ráútà rẹ̀, kí ó lè mọ ohun tó yẹ kí ó béèrè kí ó tó san owó.

Kí ni iye ara páálí ń sọ?

Ẹ jẹ́ kí a mú “AC1200” bí àpẹẹrẹ. Rédíò méjì ló wà nínú irú ráútà bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ń lo ìgbì 2.4 gígáhẹ́tísì, agbára rẹ̀ lórí ìwé sì jẹ́ mẹ́gábíìtì 300 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èkejì ń lo ìgbì 5 gígáhẹ́tísì, tirẹ̀ sì jẹ́ 867. Bí a bá ro méjèèjì pọ̀, 1,167 ni a ó rí. Àwọn tó ṣe é wá sọ ọ́ di 1,200 kí ó lè rọrùn láti kà. Fóònù kan tó so mọ́ ráútà náà kì í lo rédíò méjèèjì papọ̀, nítorí náà kò sí fóònù tí yóò rí 1,200 yẹn láéláé. Iye orí ìwé pàápàá, níbi tí kò sí ògiri àti ìdíwọ́ ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀. Nínú ilé, ohun tí a ń rí kì í sábà tó ìdajì rẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé iye náà ń sọ bí ráútà ṣe lè bá àwọn fóònù inú ilé sọ̀rọ̀ ni. Kò sọ ohunkóhun nípa iye tó ń wọlé láti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí ènìyàn bá ri páìpù ńlá yí gbogbo ilé rẹ̀ ká, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé páìpù tín-ín-rín ló fi fa omi wá láti odò Erinlẹ̀, omi tín-ín-rín náà ni yóò máa rí lẹ́nu ẹ̀rọ. Bí ó bá jẹ́ mẹ́gábíìtì 25 ni síìmù ń mú wá, ráútà “N300” lásán lè gbé e láìsí wàhálà.

Ṣé ráútà náà ló bàjẹ́ ní tòótọ́?

Kí a tó náwó, ìdánwò mẹ́ta wà tí a lè ṣe pẹ̀lú fóònù. Ẹ mọ̀ pé ìdánwò kọ̀ọ̀kan ń jẹ dátà díẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ yọ síìmù kúrò nínú ráútà, ẹ fi í sínú fóònù, ẹ pa Wáífáì fóònù náà, ẹ dúró níbi tí ráútà máa ń wà, kí ẹ sì ṣí fast.com. Ẹ kọ iye tó bá gbé jáde sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dá síìmù padà sínú ráútà, ẹ dúró ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ méjì sí i, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n lórí Wáífáì. Ní ìkẹta, ẹ lọ sí yàrá tó jìnnà jù nínú ilé, kí ẹ wọ̀n ọ́n níbẹ̀ pẹ̀lú.

Bí iye àkọ́kọ́ bá kéré, ọ̀dọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ìṣòro ti ń bọ̀, ráútà tuntun kò sì ní yanjú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ tún un wọ̀n ní òwúrọ̀ kùtùkùtù àti ní alẹ́. Bí ti òwúrọ̀ bá dára tí ti alẹ́ kò dára, èrò ló pọ̀ lórí òpó náà. Bí iye àkọ́kọ́ bá pọ̀ ṣùgbọ́n tí èkejì kéré púpọ̀, ráútà náà ló ní àléébù. Bí méjèèjì àkọ́kọ́ bá dára tó jẹ́ pé ẹ̀kẹta nìkan ló burú, ògiri ilé ni ìdíwọ́, gbígbé ráútà sí àárín ilé sì lè tó láìná kọ́bọ̀.

Ihò síìmù àti báǹdì

Ọ̀pọ̀ ráútà tó wà lórí àtẹ ni kò ní ibi tí a ń fi síìmù sí rárá. Wọ́n ṣe wọ́n fún ilé tí okùn íńtánẹ́ẹ̀tì ti wọlé. Ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ lọ sí ilé tí síìmù nìkan wà yóò rí Wáífáì lórí fóònù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní rí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ihò síìmù jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí a ó wò.

Ohun kejì ni báǹdì. Orí ìgbì oríṣiríṣi ni àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbé 4G wọn sí, ìgbì kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Báǹdì 20, tó jẹ́ 800 mẹ́gáhẹ́tísì, àti báǹdì 7, tó jẹ́ 2600, wà lára èyí tí MTN ń lò. Báǹdì 3, tó jẹ́ 1800, wà lára ti Airtel. Báǹdì 28, tó jẹ́ 700, sì wà lára ti Glo. Ìgbì tí nọ́ńbà mẹ́gáhẹ́tísì rẹ̀ kéré máa ń rìn jìnnà, ó sì máa ń gba inú ògiri kọjá dáadáa. Nítorí náà, ilé tó jìnnà sí òpó lè jẹ́ pé báǹdì 20 tàbí 28 nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ráútà tí kò bá ní báǹdì náà kò ní gbọ́ ohùn òpó yẹn, bí iye ara páálí rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ 3,000.

Ibí yìí ni ráútà tòkunbọ̀ ti ń dá ènìyàn lágara. Èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà sábà máa ń ní báǹdì 2, 4, 12, 13 àti 66, tí kò sí lára àwọn tí a dárúkọ yìí. Ìwé pélébé inú páálí tàbí àkọlé ẹ̀yìn ráútà ni a ti ń rí àwọn nọ́ńbà báǹdì. Bí wọn kò bá sí níbẹ̀, ẹ fi orúkọ àti nọ́ńbà irú ráútà náà wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó sanwó.

Ní ti 5G, ìgbì 3500 mẹ́gáhẹ́tísì ni MTN fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2022. Ìgbì yìí kì í rìn jìnnà bí 800. Kí ẹnikẹ́ni tó ra ráútà 5G, kí ó kọ́kọ́ rí i pé fóònù 5G ń fi àmì náà hàn nínú ilé tirẹ̀ gan-an, kì í ṣe ní Òṣogbo.

Ògiri, àti ẹ̀nu ańtẹ́nà

Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Áńdíróòdù, a lè tẹ kóòdù yìí láti mọ bí agbára ìgbì ṣe tó:

```
*#*#4636#*#*
```

Ẹ wo iye tó wà pẹ̀lú “dBm” fún 4G. Àmì àyọkúrò ló máa ń ṣáájú rẹ̀, nítorí náà iye tó bá sún mọ́ òdo ló dára jù. Ní nǹkan bí -85, ìgbì lágbára. Ní -100, ó ti ń rẹ̀. Bí ó bá kọjá -110, yóò máa já. Ẹ rìn yí ilé ká kí ẹ sì wá ibi tó ti dára jù, pàápàá lẹ́bàá fèrèsé. Páànù òrùlé máa ń dá ìgbì padà, ògiri amọ̀ tó nípọn àti búlọ́ọ̀kù sì máa ń gbà á mì. Bí ibi gbogbo nínú ilé bá kọjá -105, ẹ yan ráútà tó ní ẹnu tí a lè fi ańtẹ́nà ìta kọ́. Ẹnu kékeré méjì yìí ṣe pàtàkì ju mẹ́gábíìtì 900 mìíràn lọ.

Iná

Ráútà tó bá kú nígbà tí iná bá lọ kò wúlò fún ẹni tó fi í ṣiṣẹ́. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ fóltì 12 àti ámpíà 1, ó rọrùn láti rí bátìrì kékeré tó ń gbé irú rẹ̀ ró. Bátìrì tí wọ́n kọ “8800mAh, 3.7V” sí lára ní agbára tó tó wákàtí-wáàtì 32. Bí ráútà bá ń jẹ wáàtì 8, tí a sì yọ èyí tó ń ṣòfò kúrò, yóò gbé e fún wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ tàbí kí ó dín díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ráútà tòkunbọ̀, ẹ rí i pé “100–240V” wà lára ṣájà rẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ 120 nìkan yóò jóná nínú iná tiwa.

Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ kí a rò pé ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lójú ọ̀nà Ìlobùú sí Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá gba fọ́ọ̀mù ìdánwò. Síìmù MTN ló ń lò. Nínú fóònù, síìmù náà gbé mẹ́gábíìtì 24 wá. Lẹ́bàá ráútà, 5 péré ló rí. Ráútà náà ló bàjẹ́. Agbára ìgbì lẹ́bàá fèrèsé jẹ́ -102.

Òǹtajà gbé mẹ́ta síwájú rẹ̀. Èkíní jẹ́ “AX3000”, kò ní ihò síìmù. Èkejì jẹ́ “AC1200”, ó ní ihò síìmù, ṣùgbọ́n báǹdì 1, 3 àti 7 nìkan ló ní. Ẹ̀kẹta jẹ́ “N300”, ó ní ihò síìmù, báǹdì 1, 3, 7, 8, 20 àti 28, àti ẹnu ańtẹ́nà méjì. Èkíní kò lè ṣiṣẹ́ rárá. Èkejì lè ṣiṣẹ́ bí báǹdì 7 bá dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n -102 fi hàn pé ìgbì ti ń rẹ̀, báǹdì 20 tó ń rìn jìnnà ni kò sì ní. Ẹ̀kẹta, tí iye rẹ̀ kéré jù, ni yóò gbé mẹ́gábíìtì 24 náà dé orí kọ̀ǹpútà; bí ìgbì bá sì tún rẹ̀ sí i, a lè fi ańtẹ́nà ràn án lọ́wọ́.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ráútà náà mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo. Èyí tí wọ́n bá tì kò ní gba síìmù ilé iṣẹ́ mìíràn. Ẹ rí i pé “WPA2” tàbí “WPA3” wà lára ọ̀nà ààbò Wáífáì rẹ̀. Lákòótán, ẹ mú síìmù yín lọ sí ìsọ̀, kí wọ́n tan ráútà náà lójú yín, kí ẹ sì bá òǹtajà ṣàdéhùn pé ẹ lè dá a padà bí kò bá gbọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú ilé yín, nítorí ìgbì tó wà ní ìsọ̀ kọ́ ni ó wà nílé.