Ẹtù Tàbí Léèsì?

Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi fọ́tò méjì ránṣẹ́ sí mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi ní Sátidé?" Ìró àti bùbá ẹtù pẹ̀lú gèlè rẹ̀ ló wà nínú fọ́tò kìíní. Léèsì ni èkejì, búláòsì àti síkẹ́ẹ̀tì tó fún mọ́ ọn lára.

Lójú fóònù mi, ẹtù yẹn dúdú bí aṣọ ọ̀fọ̀. Léèsì ní tirẹ̀ ní àwọ̀ ògì àgbàdo pupa, ó sì wuyì. Díẹ̀ ló kù kí n ní kó wọ léèsì. Àmọ́ mo rí gílóòbù tó ń tàn yòò lókè orí rẹ̀, irú èyí tí iná rẹ̀ pọ́n. Iná bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí aró hàn, dúdú ni aró máa ń dà lábẹ́ rẹ̀, ohun tó bá sì funfun a máa gba àwọ̀ iná náà. Bẹ́ẹ̀, aró gan-an ni ẹwà ẹtù, pẹ̀lú àwọn ìlà funfun tín-ín-rín tó jẹ́ kí wọ́n fi í wé ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù. Ó tún gbé fóònù sókè orí níwájú dígí. Ohun tó bá sún mọ́ ojú fóònù ló máa ń tóbi, nítorí náà orí rẹ̀ fẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, ìró sì fẹ́ gbé e mì.

Mo ní kó dúró níbi òjìji lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí àbúrò rẹ̀ fi ẹsẹ̀ mẹ́rin jìnnà sí i, kó gbé fóònù sí déédéé ìdodo, kí ó sì wọ bàtà kan náà sí méjèèjì. Lẹ́yìn náà, kí ó jókòó sórí àga, kí wọ́n tún yà á.

Àṣé funfun báláú ni léèsì! Ẹni tí yóò dúró ti ìyàwó nínú ṣọ́ọ̀ṣì kò gbọdọ̀ wọ irú ẹ̀. Fọ́tò ìjókòó tún wá tú àṣírí mìíràn: síkẹ́ẹ̀tì náà wúnjọ lórí itan, ó sì gòkè kọjá orúnkún. Ta ni kò mọ̀ pé ìjókòó ló pọ̀ jù lóde ìgbéyàwó?

Aró ẹtù yọ kedere ní tirẹ̀, ìró náà sì bò ó dáadáa bó ti jókòó. Kì í ṣe pé kò ní àbùkù o. Ó wúwo, ó sì máa ń mú ooru. Mo ní kó fi ìpèlé sílẹ̀ nílé, kí ó sì pààrọ̀ gèlè sí àlàárì ìyá rẹ̀, torí pé aró látòkè délẹ̀ ti pọ̀ jù. Pupa náà yóò tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú rẹ̀.

Ó béèrè pé kí ni òun yóò wá fi léèsì ṣe. Mo ní kó gbé e padà fún télọ̀, kó tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. A dúpẹ́ pé télọ̀ fi íǹṣì kan pa mọ́ sínú.