Ọkọ̀ Tó Ń Jẹ Táyà: Iṣẹ́ Tóò, Káńbà àti Kásítà

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í wo etí inú táyà wọn. Bí ọkọ̀ bá dúró, etí ìta ló kọjú sí èèyàn, bí ojú rẹ̀ bá sì ṣì nípọn, ọkàn onítọ̀hún á balẹ̀. Ọjọ́ tí fọ́kanáísà bá tú táyà náà nítorí ìṣó ni wọ́n tó máa rí i pé wáyà ti yọ ní etí inú, bẹ́ẹ̀ etí ìta táyà kan náà ṣì lè rìn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Táyà náà lè má burú rárá, ẹni tó tà á sì lè má ṣe jìbìtì kankan. Ìdúró ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló ti yẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni àwọn tó ń ṣe aláìnmẹ́ńtì máa ń wọ̀n láti mọ bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe dúró: tóò, káńbà àti kásítà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ìtẹ̀sí tí wọ́n ń fi dígírì kà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Tóò ló ń jẹ táyà jù. Káńbà ń jẹ etí kan, ó sì lè máa fa ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Kásítà kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ táyà. Ọwọ́ tó di sítíárì mú ló máa ń mọ̀ ọ́n lára.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ tóò, kó fojú inú wo ọkọ̀ láti òkè, bí ẹni dúró lórí àjà. Bí iwájú táyà méjèèjì bá súnmọ́ ara wọn ju ẹ̀yìn wọn lọ, tóò-ìn nìyẹn. Bí iwájú bá fẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ, tóò-áòtù ni. Kò sí ojú tó lè rí ìyàtọ̀ náà lójú lásán, torí pé mìlímítà bíi mélòó kan péré ni, síbẹ̀ ohun tó ń ṣe fún táyà kì í ṣe kékeré.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Táyà 195/65R15, tó wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ Tòyótà Kòrólà ní Nàìjíríà, ga tó nǹkan bíi mìlímítà 635 láti ilẹ̀ dé orí rẹ̀. Ká ní mìlímítà 6 ni iwájú táyà méjèèjì fi súnmọ́ ara wọn ju ẹ̀yìn lọ, mìlímítà 3 ló kan ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ò ju nǹkan bí ìdámẹ́rin dígírì kan lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń lọ tààrà nígbà tí táyà kọjú sí ibòmíràn, ilẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ máa tì í padà. Nínú kìlómítà kan, ibi tí táyà ń fẹ́ lọ àti ibi tí ọkọ̀ gbé e lọ á ti fi nǹkan bíi mítà 4.7 yàtọ̀ síra. Kí ọkọ̀ náà tó parí ìrìn kìlómítà 120, tí kò tó ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tán, ìyàtọ̀ náà á ti lé ní 560 mítà. Rọ́bà ló ń fara gbá gbogbo rẹ̀: ó ń fẹ̀gbẹ́ wọ́ lórí ọ̀dà díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń yí.

Wíwọ́ yìí máa ń fi àmì tí ọwọ́ lè mọ̀ sílẹ̀. Kí èèyàn fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà láti etí ìta wá sí etí inú, kó sì rà á padà síta. Bó bá ń dán nígbà tí ọwọ́ ń wọlé, tó sì ń gún ọwọ́ bí eyín ayùn nígbà tó ń jáde, tóò-ìn ti pọ̀ jù, etí ìta ló sì máa ń kọ́kọ́ tán. Bó bá gún ọwọ́ nígbà tó ń wọlé, tó wá dán nígbà tó ń jáde, tóò-áòtù ni, etí inú ló ń jẹ. Kí wọ́n ṣọ́ra bí wáyà bá ti yọ, torí ó lè ya ọwọ́.

Ní ti sítíárì, ọkọ̀ tí tóò-áòtù rẹ̀ pọ̀ kì í fẹ́ dúró sójú kan. Bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọ sọ́tùn-ún ló ń yà sósì. Àmì mìíràn wà tí àwọn èèyàn máa ń ṣì túmọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń lọ tààrà ṣùgbọ́n tí sítíárì wọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ kan ga ju èkejì, ó sábà máa ń jẹ́ pé wọn kò pín tóò dọ́gba láàárín ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì. Láti tún un ṣe, wọn kì í tú sítíárì kúrò ní ìdí rẹ̀ kí wọ́n yí i padà. Táìrọ́ọ̀dù ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọ́n ń yí, ọ̀kan á gùn díẹ̀, èkejì á kúrú.

Kó tó di pé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà dé, téèpù ni wọ́n fi ń wọn tóò, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sí ojú táyà méjèèjì níwájú, ní ibi tó ga dọ́gba pẹ̀lú àárín rímù, wọ́n á sì wọn àárín ilà méjèèjì. Lẹ́yìn náà wọ́n á ti ọkọ̀ síwájú títí ilà kan náà á fi bọ́ sí ẹ̀yìn, wọ́n á tún un wọ̀n. Ìdí tí wọ́n fi ń ti ọkọ̀ ni pé rímù tó bá ti wọ́ lè purọ́ fún téèpù bí wọ́n bá wọn ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lára rẹ̀. Téèpù lè sọ òótọ́ nípa tóò, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohunkóhun nípa káńbà àti kásítà.

Iwájú ọkọ̀ ni èèyàn ti ń wo káńbà. Bí orí táyà bá fì sínú, wọ́n á ní káńbà rẹ̀ jẹ́ nẹ́gátíìfù. Bó bá fì síta, pọ́sítíìfù ni. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fún un ní nẹ́gátíìfù díẹ̀, torí pé bí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, ara rẹ̀ á fì síta, ìtẹ̀sí kékeré yẹn ni yóò jẹ́ kí táyà tó ru ẹrù jù tẹ́ ilẹ̀ dáadáa. Bó bá wá pọ̀ jù, etí kan ṣoṣo ni yóò máa ru ọkọ̀. Etí náà á jẹ, ṣùgbọ́n á dán lọ dán bọ̀. Kò ní gún ọwọ́ bí ti tóò. Ohun tí wọ́n fi ń dá àwọn méjèèjì mọ̀ nìyẹn nígbà tó bá jẹ́ etí inú ló ti lọ.

Bí káńbà ọ̀tún àti ti òsì kò bá dọ́gba, ọkọ̀ á máa fà sí apá ibi tí káńbà ti pọ́sítíìfù jù. Tóò kì í sábà ṣe èyí, torí pé táyà iwájú méjèèjì máa ń pín ìyẹ̀ tóò láàárín ara wọn bí ọkọ̀ bá ti ń rìn.

Kásítà ló ṣòro jù láti fojú inú rí. Kí èèyàn wo iwájú kẹ̀kẹ́ ológeere láti ẹ̀gbẹ́. Irin oníga méjì tó di táyà mú kò dúró ṣánṣán. Orí rẹ̀ fì sẹ́yìn sápá ẹni tó ń gùn ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síwájú. Ìtẹ̀sí yẹn wà lára ohun tó ń jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa lọ tààrà. Ọkọ̀ náà ní irú rẹ̀: ibi tí ẹsẹ̀ iwájú ti ń yí sọ́tùn-ún sósì fì sẹ́yìn lókè. Òun ló ń jẹ́ kí sítíárì dá padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn kọ́nà. Bí kásítà bá kéré jù, sítíárì á fúyẹ́, ọkọ̀ á sì máa rìn gbéregbère bó bá ń sáré. Bó bá pọ̀, sítíárì á wúwo, ṣùgbọ́n ọkọ̀ á dúró gbọn-in. Bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò bá dọ́gba, apá tí kásítà rẹ̀ kéré ni ọkọ̀ ń fà sí.

Ká wá kó wọn pọ̀. Ká ní Kòrólà kan já sí kòtò tó jìn lápá ọ̀tún. Láti ọjọ́ náà ni sítíárì ti wọ́, tí ọkọ̀ sì ń fà sósì. Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún láti 1972, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí àárín títì ga díẹ̀ kí omi lè ṣàn kúrò, nítorí náà ọkọ̀ tí kò ní àrùn lè rọra yà sọ́tùn-ún. Èyí ń fà sósì, ó ń gun òkè. Kì í ṣe ẹ̀bi títì. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ wo afẹ́fẹ́ táyà, á sì gbé táyà iwájú ọ̀tún sí òsì, ti òsì sí ọ̀tún. Bí ọkọ̀ bá wá ń fà sí ọ̀tún, táyà ló ní àrùn. Bó bá ṣì ń fà sósì, ó di orí ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ gbé ìwé jáde: káńbà òsì jẹ́ -0.6 dígírì, ti ọ̀tún jẹ́ -1.9. Kásítà òsì jẹ́ 2.9, ti ọ̀tún jẹ́ 2.8. Tóò ọ̀tún ti yẹ̀. Nọ́ńbà wọ̀nyí sọ ibi tí ìyà ti jẹ ọkọ̀ náà. Kásítà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà, nítorí náà kòtò yẹn kò ti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ pé lówà-áàmù ló tẹ̀ sẹ́yìn ni, kásítà ọ̀tún ì bá ti dín kù gan-an. Orí táyà ọ̀tún ló fì sínú, ṣọ́kì sì ni wọ́n á kọ́kọ́ fura sí, pé ó ti tẹ̀. Ìdí tí ọkọ̀ fi ń fà sósì náà hàn: -0.6 súnmọ́ pọ́sítíìfù ju -1.9 lọ.

Níbí ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aláìnmẹ́ńtì ti ń bọ̀ kúkúrú. Tóò nìkan ni wọ́n lè yí lára Kòrólà láìpààrọ̀ ohunkóhun. Bí wọ́n bá yí i, àwọ̀ rẹ̀ á di ewé lójú kọ̀ǹpútà, sítíárì á dúró tààrà, oníbàárà á sanwó, á lọ. Ọkọ̀ á ṣì máa fà sósì, etí inú táyà ọ̀tún á sì máa jẹ lọ. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n pààrọ̀ ṣọ́kì tó tẹ̀. Bí ohun tó kù bá jẹ́ ìyẹ̀ kékeré, Tòyótà ní bóòtù tó tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ tí wọ́n lè fi rọ́pò èyí tó de ṣọ́kì mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, kí káńbà lè ráyè rìn. Ìgbẹ̀yìn ni wọ́n ń ṣe tóò, torí gbogbo ìgbà tí káńbà bá yí ni tóò náà ń yí.

Bí táìrọ́ọ̀dù, bọ́ọ̀lù-jọ́ǹtì tàbí búṣì bá ń mì, kò sí nọ́ńbà tó lè dúró lé e lórí. Ohun tí ẹ̀rọ kà nígbà tí ọkọ̀ dúró kọ́ ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ máa jẹ́ bó bá ń sáré. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń mi ẹsẹ̀ ọkọ̀ wò lórí jáàkì kí wọ́n tó so ẹ̀rọ mọ́ ọn.

Oníbàárà lè béèrè ìwé méjì, èyí tí wọ́n kà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí wọ́n kà lẹ́yìn rẹ̀, kó sì wo ti ọ̀tún mọ́ ti òsì. Táyà tí tóò ti gé lójú bí ayùn lè ṣì máa han lórí títì lẹ́yìn tí aláìnmẹ́ńtì bá ti pé. Bó bá ṣì nípọn tó, tí wáyà kò sì tíì yọ, wọ́n lè gbé e sẹ́yìn. Ariwo náà lè wà níbẹ̀ títí ojú táyà á fi tún jẹ dọ́gba.