Búrẹ́ẹ̀tì Kan, Ọmọ Kíláàsì 40

Nínú ìdánwò kẹ́mísírì WAEC, ọwọ́ ara wọn ni àwọn ọmọ fi ń ṣe títíréṣọ̀n. Wọ́n á máa kán ásíìdì sínú béèsì díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi yí padà, wọ́n á sì fi iye ásíìdì tó wọlé ṣe ìṣirò. Búrẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń kán an: ọ̀pá gíláàsì gígùn tó ní òǹkà lára, tí ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀ ṣeé ṣí, tó sì ṣeé pa.

Ẹ jẹ́ ká wá mú kíláàsì kan tó ní ọmọ 40, búrẹ́ẹ̀tì kan, gọ́gù ìbojú 12 àti ìgò ásíìdì haidirokilóríìkì líle kan tó ti ń tán lọ. Kò sí omi ẹ̀rọ. Kí ni olùkọ́ lè ṣe yàtọ̀ sí pé kó dá iṣẹ́ náà ṣe níwájú, kí àwọn ọmọ máa wòran?

Ó lè dín ohun tí wọ́n ń wọ̀n kù. Ọ̀nà yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n John Bradley àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Witwatersrand, ní Gúúsù Áfíríkà, ṣiṣẹ́ lé lórí fún àwọn ilé ìwé tí irinṣẹ́ wọn kò tó. Bí ẹgbẹ́ ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin mẹ́wàá bá fi búrẹ́ẹ̀tì ṣe é, tí wọ́n ń wọn béèsì mílílítà 25 lẹ́ẹ̀kan, ásíìdì tí wọn yóò lò lè tó lítà kan. Bó bá jẹ́ sírínjì ni, tí béèsì jẹ́ mílílítà 2 péré, mílílítà 15 tó ẹgbẹ́ kan, àṣìdànù pẹ̀lú. Ásíìdì tó kéré báyìí kò ná ilé ìwé lówó púpọ̀, bó bá sì dà sílẹ̀, aṣọ tútù kan nù ún tán.

Ọjọ́ tó ṣáájú ni iṣẹ́ olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìta gbangba ni yóò ti ṣí ìgò ásíìdì líle náà, nítorí èéfín rẹ̀ ń ta imú. Yóò wọ gọ́gù àti ìbọ̀wọ́. Omi mílílítà 200 ni yóò kọ́kọ́ bù sínú ìkòkò gíláàsì, kó tó da ásíìdì mílílítà 2 sínú rẹ̀ jẹ́jẹ́, kó sì fi omi sí i títí yóò fi pé 250. Kò gbọ́dọ̀ yí i padà: omi tí a bá dà lé ásíìdì líle lè gbóná lójijì, kó sì ta sí ènìyàn lójú. Fún béèsì, yóò po kọ́sítíkì sódà gíráàmù 1 mọ́ omi títí yóò fi pé mílílítà 250. Méjèèjì yóò wá lágbára tó nǹkan bí 0.1 mol/dm³.

Méjèèjì dà bí omi lásán. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi gbọ́dọ̀ wọ inú ìgò omi tàbí ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tí orúkọ wọn sì gbọ́dọ̀ wà lára ìgò wọn.

Ìṣápá pupa tí wọ́n fi ń ṣe sóbò ni yóò fi àwọ̀ hàn. Omi gbígbóná ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí, wọ́n á sì sẹ́ ẹ. Nínú béèsì, omi ìṣápá á di àwọ̀ ewé. Nínú ásíìdì, á pọ́n. Ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ nínú béèsì, àwọ̀ ewé náà á máa ṣá di ìyeyè, nítorí náà ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an ni wọn yóò kán an sí i.

Olùkọ́ yóò wá fi búrẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo náà dán gbogbo rẹ̀ wò. Èsì tó bá rí ni yóò fi díwọ̀n ti àwọn ọmọ.

Gọ́gù 12 tó ẹgbẹ́ mẹ́ta. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ni yóò máa wá sídìí tábìlì fún ìṣẹ́jú 15, nígbà tí àwọn yòókù jókòó sọ́nà jíjìn, tí wọ́n ń ṣe ìṣirò. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni gbogbo wọn yóò fi kárí. Sírínjì kò gbọ́dọ̀ ní abẹ́rẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fi ẹnu fa nǹkan kan. Kí kẹ́ẹ̀gì omi mímọ́ wà nítòsí kó tó di pé ohunkóhun ta síni lójú. Ìṣẹ́jú 20 ni wọ́n ń fi da omi sójú náà, kí wọ́n tó gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn.

Bí béèsì mílílítà 2 bá gba ásíìdì mílílítà 1.9, agbára ásíìdì náà jẹ́ 0.1 × 2 ÷ 1.9, ìyẹn 0.105 mol/dm³. Bí ẹgbẹ́ kan bá rí 1.6, ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ ti wà nínú sírínjì tí wọ́n fi wọn béèsì. Kí wọ́n gbé ẹnu rẹ̀ sókè, kí wọ́n ta á, kí wọ́n sì tì í títí afẹ́fẹ́ yóò fi jáde.

Àṣìṣe mílílítà 0.1 kò tó nǹkan lórí 25, ṣùgbọ́n ìdá 5 nínú 100 ni lórí 2. Ìyípadà àwọ̀ ìṣápá pẹ̀lú kì í yá bíi ti ọ̀nà WAEC. Nítorí náà, bí ìdánwò bá ti kù díẹ̀, olùkọ́ yóò jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fọwọ́ kan búrẹ́ẹ̀tì kan náà, kó fi omi lásán kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka òǹkà rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń kán an ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan.