Nọ́ńbà Ara Páálí Fáànù Kò Tó

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí fáànù sábà máa ń jẹ́ ti ìgbà tí ohunkóhun kò dí i lọ́nà. Bí ẹ bá rí 6,000 mítà kúbíìkì ní wákàtí kan, kò sí páìpù, kọ́nà tàbí àwọ̀n nínú ìṣirò yẹn. Ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kì í rí bẹ́ẹ̀.

Ká ní ṣọ́ọ̀bù kan gùn ní mítà 10, ó fẹ̀ ní 8, ó sì ga ní 4. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ 320 mítà kúbíìkì. Bí ọ̀gá wẹ́dà bá fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ pààrọ̀ nígbà 15 láàárín wákàtí kan, 4,800 ló nílò. Ó ra fáànù 6,000, ó so ó mọ́ páìpù páànù oní sẹ̀ǹtímítà 40 tó ní kọ́nà méjì, tó sì gba òrùlé jáde. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, 4,000 péré ló ń jáde.

Fáànù náà kò bàjẹ́. Páìpù ló ń dènà afẹ́fẹ́: bí afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, ìdènà á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí a bá yà á sórí ìwé, ìlà ìdènà yìí ń gòkè kíkankíkan. Ìlà ti fáànù ní tirẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀, torí bí ìdènà ṣe ń pọ̀ ni afẹ́fẹ́ tó lè gbé ń dínkù. Ibi tí ìlà méjèèjì bá ti pàdé ni fáànù á ti máa ṣiṣẹ́. Níhìn-ín, wọ́n pàdé ní 4,000, níbi tí ìdènà ti jẹ́ 104 Pa. Kí 4,800 tó lè kọjá, ó gbọ́dọ̀ borí 150 Pa.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kí wọ́n pààrọ̀ púlì kí fáànù lè yára sí i. Bí eré rẹ̀ bá fi ìdá kan nínú márùn-ún pọ̀ sí i, afẹ́fẹ́ á di 4,800 lóòótọ́. Ṣùgbọ́n agbára tó ń gbà lọ́wọ́ mọ́tò ń pọ̀ ju eré lọ: 1.2 × 1.2 × 1.2, ìyẹn bíi 1.73. Bó bá ń gba wáàtì 300 tẹ́lẹ̀, á di nǹkan bíi 518. Mọ́tò ìdajì agbára ẹṣin kò ju wáàtì 373 lọ. Á gbóná, wáyà inú rẹ̀ á sì jó. Ẹ wọn iná tí mọ́tò ń fà kí ẹ tó fọwọ́ kan púlì, kí ẹ sì tún un wọ̀n lẹ́yìn rẹ̀.

Páìpù ni èmi á kọ́kọ́ wò. Bí wọ́n bá fi oní sẹ̀ǹtímítà 50 rọ́pò gbogbo rẹ̀, títí kan àwọn kọ́nà, ìdènà 4,800 yẹn kò ní tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìlà ìdènà náà á rọ̀ sílẹ̀, fáànù á sì gbé afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i láìyí eré rẹ̀ padà.

Ìṣirò púlì yìí kò dúró bí ọ̀nà afẹ́fẹ́ bá yí padà, bí ìgbà tí eruku bá dí àwọ̀n. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde náà gbọ́dọ̀ rí ibi wọlé. Bí ilẹ̀kùn bá ń fà gan-an nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣí i, tí èéfín sì ń tètè lọ bó bá ti ṣí, ihò ni ẹ máa lu sára ògiri òdìkejì, ẹ má ra fáànù míì.