Kí ló ń ta “pá” kí orin ìpè fóònù rẹ tó bẹ̀rẹ̀?

Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 tí Apple ti gbé iOS 26 jáde ni àwọn tó ń lo àìfóònù ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà kan. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kí orin tó wù ú máa dún nígbà tí wọ́n bá pè é ní láti gba inú GarageBand kọjá, tàbí kó so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kó sì sọ fáìlì náà di èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí .m4r. Ní báyìí, bí fáìlì MP3 tàbí M4A rẹ kò bá ti pé ìṣẹ́jú àáyá 30, wàá kàn tẹ Share, wàá sì mú “Use as Ringtone”. Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń lo Android ti ń jẹ irú ìgbádùn yìí.

Ìròyìn yẹn ti kárí. Èyí tó yẹ ká jókòó tì ni ìdí tí orin tí a fọwọ́ ara wa gé fi máa ń ta “pá” kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé fáìlì ló bàjẹ́, tàbí pé sìpíkà fóònù ló ti ń kú lọ. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí a ti gé orin náà ni ẹ̀sùn kàn.

Òǹkà ni orin tó wà nínú fóònù. Bí fáìlì orin tó wọ́pọ̀ bá ń dún, ó máa ń di òǹkà 44,100 fún ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Òǹkà kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ibi tí awọ sìpíkà gbọ́dọ̀ wà lásìkò náà. Bí ohùn kò bá sí, òǹkà jẹ́ òdo, awọ náà á sì dúró jẹ́ẹ́ sí àárín. Bí orin bá ń dún, á máa lọ síwájú, á máa bọ̀ sẹ́yìn, á sì máa gba orí òdo kọjá. Bí a bá wá gé orin níbi tí ìgbì rẹ̀ ti wà lókè, awọ tó dúró jẹ́ẹ́ yóò ní láti fò débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fífò yẹn gan-an ni “pá” tí etí ń gbọ́.

Mo gé orin jùjú kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ibi tó wù mí ni ibi tí gìtá ti rọlẹ̀ tí gángan sì wọlé, nígbà tí orin ti lo ìṣẹ́jú kan àti àáyá méjì lé díẹ̀. Mo kọ́kọ́ gé e gẹ́lẹ́ lórí gángan náà. Ó ta “pá”, ìlù náà sì dún bí ohun tí wọ́n ti bù lórí jẹ, nítorí ìgbà tí kọ̀ǹgọ́ bá kan awọ ni etí fi ń mọ̀ pé gángan ni. Mo bá fẹ àwòrán ìgbì náà lójú nínú Audacity títí ó fi rí bí okùn ẹyọ kan, mo sì sún ibi gígé sẹ́yìn ní ìdá 20 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo tẹ Z, èyí tó máa ń gbé etí ibi tí a yàn lọ síbi tí ìgbì ti kọjá lórí òdo.

Síbẹ̀, “pá” díẹ̀ ṣì kù. Béèsì ṣì ń dún lábẹ́, ọ̀tún àti òsì kì í sì í sábà kan òdo pọ̀. Ohun tó parí rẹ̀ ni pé kí ohùn gùn láti òdo láàárín ìdá 10 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Etí kò lè mọ̀ pé nǹkan ń gùn, yóò sì ti gùn tán kí kọ̀ǹgọ́ tó kan awọ.

Ìparí ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí a bá fa ohùn wálẹ̀ ní ìlà tó tọ́, nígbà tó bá dé àárín ọ̀nà, agbára rẹ̀ ti já ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì mẹ́fà péré, bẹ́ẹ̀ ó máa ń tó mẹ́wàá kó tó ṣe etí bí ìdajì. Nítorí náà ni orin fi máa ń pariwo títí, tí á wá já sí kòtò lójijì. Ìlà tó tẹ̀, tó ti já ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 12 ní àárín, ló máa ń tẹ́ etí lọ́rùn. Ẹni tó bá ní ffmpeg lè ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan:

```
ffmpeg -ss 62.4 -t 28 -i orin.mp3 -vn -af "afade=t=in:d=0.01,afade=t=out:st=25:d=3:curve=qua" ipe.m4a
```

Àáyá 28 ni orin yìí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ní àáyá 25. `-vn` yọ àwòrán ẹ̀yìn àwo kúrò, kó má baà kó sínú fáìlì.

Ṣé àáyá mẹ́ta tó fún rírọ̀? Ọ̀rọ̀ etí ni, kò sí òfin kan. Lójú tèmi, ó tó, nítorí bí a kò bá tètè gbé fóònù, orin yóò tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀, bí rírọ̀ bá sì gùn jù, ẹni tó wà ní yàrá kejì yóò rò pé ìpè ti gé. Ẹ má fi sìpíkà fóònù nìkan dán an wò, torí ó máa ń gbé béèsì mì, “pá” yóò sì sá pamọ́. Ẹ fi ìgbọ́ròó sétí, kí ẹ jẹ́ kó yípo lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá jẹ́ gángan lẹ kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́yìn ìdákẹ́, gígé yín dára.